Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: Nígbà tí Fóònù Ìyá Bá Ń Fọ Faransé

Ní ìpàdé tó kọjá, lẹ́yìn tí a ti ka orúkọ àwọn tó san owó oṣù, arákùnrin kan dìde, ó ní òun ní ẹjọ́ tí òun fẹ́ rò. Ó ti ra fóònù àlòkù kan níhìn-ín ní Kánò, ó sì fi rán onímọ́tò sí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ará Niamey ni ó kọ́kọ́ lo fóònù náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tà á ti wí, èdè Faransé sì ni gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀. Arákùnrin wa kò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dì í sínú ọ̀rá. Ìyá lò ó fún oṣù mẹ́rin, ó ń pè, ó ń gba ìpè, ó sì ya àwòrán níbi òkú bàbá wọn. Ní ọjọ́ kan, fóònù kò dún mọ́. Ọmọ pè é fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá kò gbé e. Ẹ mọ irú èrò tó máa ń wọ orí ènìyàn tó wà lókè Ọya nígbà tí ìyá kò bá gbé fóònù.

Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ti gbúròó ìyá, ara rẹ̀ le koko. Arákùnrin wa wá mú fóònù tirẹ̀ tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wo ó, ó sì ń pàṣẹ fún ìyá: “Màámi, ẹ ka ìkarùn-ún láti òkè, ẹ tẹ̀ ẹ́.” Ìyá kà á, ó tẹ̀ ẹ́. Ìkarùn-ún ti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìkarùn-ún ti Kánò, nítorí pé oríṣi fóònù méjèèjì kò bára mu, èyí tó wà nísàlẹ̀ níbí lè wà lókè lọ́hùn-ún. Ìyá ní òun rí ọ̀rọ̀ gígùn kan. Ọmọ ní, “Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́.” Fóònù béèrè lẹ́ẹ̀kan, ìyá tẹ̀ ẹ́. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ìyá tún tẹ̀ ẹ́. Ó kú, ó tan, ó sì ń kí ìyá káàbọ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Gbogbo nọ́ńbà ti lọ, àwòrán òkú bàbá sì bá a lọ.

Àwa kò bá arákùnrin wa wí nínú ìpàdé, a kò sì ní bá a wí nínú ìwé yìí, nítorí pé àwa náà ra ọ̀kan nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀, a fi í ránṣẹ́ sí ìyá tiwa ní Ọ̀fà. Ẹjọ́ tí a gbọ́ ni ó jẹ́ kí a fara balẹ̀. Bí a ti ṣe é ni a fẹ́ rò fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé a kò pe ìyá ní ọjọ́ náà rárá. A wá ẹnì kan nínú ọjà tó ní irú fóònù kan náà gan-an, a yá a lò fún wákàtí kan. A kọ́kọ́ kọ ọ̀nà tí a gbà dé ibi èdè sínú ìwé, kí a má baà sọnù sínú rẹ̀, kí a tó yí i sí Faransé. Nígbà tí a yí i tán, ohun tí ìyá ń wò ní Ọ̀fà ni àwa náà ń wò ní Kánò. A wá tún ọ̀nà náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, a ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ti wà lójú fóònù, àti àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ìwọ̀nyí: Paramètres, lẹ́yìn náà Système, lẹ́yìn náà Langues et saisie, lẹ́yìn náà Langues, lẹ́yìn náà Ajouter une langue. Nínú àwọn fóònù tó dé láìpẹ́, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ “et saisie” kúrò, ọ̀nà náà sì yàtọ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ wá irú fóònù kan náà, kí ẹ má fi ti ẹlòmíràn sọ àsọtẹ́lẹ̀.

Ìyá wa kò gbọ́ Faransé, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ń ka Bíbélì Yorùbá. Èyí ni a fi ṣe àtẹ̀gùn. A kò bi í pé, “Ṣé ẹ rí Langues?” bí Faransé ti ń pè é, nítorí pé bí wọ́n ti ń pè é jìnnà sí bí wọ́n ti ń kọ ọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ka Yorùbá yóò ti kà á: “Lan-gu-e-si.” Paramètres di “Pa-ra-me-ti-re-si.” Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì le, a ó dárúkọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ bí wọ́n ti kọ́ wọn ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi: sí, yí, sí. Ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí lójú ìwé náà kò ju ẹyọ kan lọ, Système ni.

Ní ọjọ́ kejì, a pè é lórí fóònù aládùúgbò. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ìyá bá ń fi fóònù kan náà sọ̀rọ̀, tí ó sì tún ń fi í tẹ nǹkan, ojú fóònù yóò ṣókùnkùn ní kété tí ó bá gbé e sétí, nítorí pé a ṣe é kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà máa tẹ nǹkan lójú rẹ̀. Tí ó bá sì gbé e kúrò létí kí ó lè rí i, kò ní gbọ́ wa mọ́. Bí kò bá sí fóònù kejì, kí ìyá tẹ àwòrán ẹnu súpíkà kí ohùn jáde síta, kí ó sì mọ̀ pé òun lè kúrò lójú ìpè láìjẹ́ pé ìpè já. Bọ́tìnì pupa nìkan ni kí ó má fọwọ́ kàn.

Òfin kan ni a fún ìyá, a sì mú un dúró: “Màámi, ẹ má tẹ ohunkóhun, títí ẹ óò fi ka ohun tí ẹ rí fún mi, tí màá sì sọ pé òun ni.” Ọ̀nà tiwa yàtọ̀ sí ti arákùnrin wa níbí. Òun ń pàṣẹ, àwa ń gbọ́. Ìyá fi ìka fa ojú fóònù wálẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀mejì, a ní kí ó wá àwòrán tó dà bí jíà kẹ̀kẹ́ eléyín. Ó ní, “Mo rí i, ó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún.” Ó tẹ̀ ẹ́. A ní kí ó ka ohun tó wà lókè. “Pa-ra-me-ti-re-si.” A ti wà lójú ọ̀nà. A ní kí ó fa ojú ìwé náà sókè títí yóò fi dúró, nítorí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni Système wà nínú oríṣi fóònù yìí, kò sì sí ìdí láti máa kà láti òkè nígbà tí ohun tí a ń wá wà nísàlẹ̀.

Ojú ìwé Système yìí gan-an ni jàǹbá wà, ibẹ̀ sì ni ìyá arákùnrin wa ti ṣubú. Nísàlẹ̀ Langues et saisie, ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀: Options de réinitialisation. Òun ni ilẹ̀kùn tó lọ sí Effacer toutes les données, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí fóònù pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. A ti sọ fún ìyá kí ó tó wọlé pé, “Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ó tó rí roboto, ẹ má fọwọ́ kàn án.” A tún sọ èyí pé yíyí èdè padà kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí. Bí fóònù bá béèrè nọ́ńbà tí ó fi ń ṣí i, a ti ṣìnà nìyẹn, kí ó padà sẹ́yìn.

Ìyá tẹ Langues et saisie, ó tẹ Langues, ó rí Français pẹ̀lú nọ́ńbà 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àmì àròpọ̀ nísàlẹ̀. Ó tẹ àmì náà. Níbí ni ìtura dé, nítorí pé nínú àkọsílẹ̀ àwọn èdè, wọ́n kọ èdè kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é. Ì báà jẹ́ Faransé tàbí Lárúbáwá ni fóònù wà, English ni wọ́n yóò kọ fún English. Ìyá tẹ̀ ẹ́, wọ́n bi í ní orílẹ̀-èdè, ó wá Nigeria kàn.

Ẹnì kan yóò béèrè pé, ṣé kò sí Èdè Yorùbá níbẹ̀? Ó wà níbẹ̀ o, ìyá fúnra rẹ̀ kà á sí wa létí, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ fóònù, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ, wọn kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú fóònù sí i. Bí ènìyàn bá fi í sí ipò kìíní, tí Faransé wà ní ipò kejì, Faransé náà ni yóò máa rí. A kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn.

Ibi tó pẹ́ jù ni ìgbẹ̀yìn. English ti wọlé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 2 ni ó wà, ojú fóònù sì wà ní Faransé síbẹ̀. Ìyá rò pé kò ṣiṣẹ́, ó fẹ́ tún un fi kún un. A ní kí ó wo ìlà kékeré tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀rọ̀ English, kí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má gbé e, kí ó sì fà á gun orí Français. Ó ń gbé ìka kí ó tó dé òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a ṣe é. A ní, “Màámi, ẹ ṣe é bí ẹni tó ń fa aṣọ orí okùn, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.” Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ lókè. Ó pariwo: “Ó ti yí padà!” A ní kí ó ka òkè ojú ìwé, a sì gbọ́ “Lan-gu-a-ge-si.” Ìṣẹ́jú 22 ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Bí Lárúbáwá bá ni fóònù wà, ẹ rántí pé ojú rẹ̀ yí padà bí ojú dígí: ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa bọ́ sí ọwọ́ òsì ìyá, ọfà ìpadàsẹ́yìn pàápàá kọjú sí ibòmíràn. Ẹ kò lè sọ pé “apá ọ̀tún” fún un láìjẹ́ pé ẹ ti yí fóònù tiyín náà.

Àwọn kan ní kí a kúkú fi Wọ́sáàpù wo ojú fóònù ìyá láti ibí. Láti ọdún 2023 ni a ti lè ṣe é lórí ìpè alàwòrán. Ó dára níbi tí dátà bá wà, ṣùgbọ́n ìyá ní láti tẹ ohun kan kí ó tó lè fi ojú fóònù rẹ̀ hàn wá, Faransé kan náà ni yóò sì fi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù. Àwọn olè náà ń pe àwọn àgbà, wọ́n ń sọ pé kí wọ́n tẹ ibí tẹ ọ̀hún. A ti bá ìyá wa dá àmì kan tí àwa méjèèjì nìkan mọ̀, tí yóò kọ́kọ́ béèrè kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nọ́ńbà tí báńkì bá sì fi ránṣẹ́, kò ní kà á fún ẹnikẹ́ni, àwa gan-an náà wà lára rẹ̀.

Ìwé tí a kọ ọ̀nà náà sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dà á kọ, kí ó mú bírò wá ní ọjọ́ ìpàdé, kí ó sì mọ oríṣi fóònù tí ìyá rẹ̀ ń lò kí ó tó dé.