Aago márùn-ún ta ni?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí kí fóònù mi tó dún. Àǹtí mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, mo ti wọlé o, mi ò rí dókítà kankan. Ojú ara mi nìkan ni mò ń wò nínú fídíò.' Mo ní, 'Àǹtí, dókítà dúró dè yín títí, wọ́n ti lọ sílé.' Wọ́n ní, 'Lọ síbo? Aago márùn-ún géérégé rèé!'

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Aago márùn-ún ni lọ́dọ̀ wọn. Aago mẹ́fà ni lọ́dọ̀ wa.

Kó tó di pé wọ́n rìnrìn-àjò ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún wọn nílé-ìwòsàn aládàáni kan nílùú yìí. Ní báyìí, àárẹ̀ ń mú wọn ṣáá, àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo gẹ̀gẹ̀ náà ni wọ́n gé kúrò nígbà yẹn tàbí apá kan. Fáìlì wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, dókítà tó mú ọ̀bẹ náà wà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì, ló yẹ kí àǹtí gbé èsì lọ sí ọsibítù wọn. Ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé lọ, wọ́n sì sún wọn síwájú.

Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Ní 14 oṣù Kẹwàá ni akọ̀wé ilé-ìwòsàn fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi, kò ju ọjọ́ àti 5:00 PM lọ. Mo ní a gbà. Mo wá sọ fún àǹtí pé, 'Aago márùn-ún ni o, aago kan náà là ń lò.' Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìpàdé, ó ti di irọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Aago Nàìjíríà kì í yẹ̀. Láti ọdún 1919 la ti fi wákàtí kan ṣáájú GMT, òjò ì báà rọ̀, ọyẹ́ ì báà mú. Ti Ìlú Ọba ló ń rìn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, wọ́n á sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, wọ́n á sì bá wa dọ́gba. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá a padà, wọ́n á sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Lọ́dún 2025, 26 oṣù Kẹwàá ni Àìkú náà bọ́ sí, ìyẹn ọjọ́ méjì péré ṣáájú ìpàdé àǹtí. Ìdí nìyẹn tí arákùnrin kan nínú ẹbí á fi máa búra pé aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa dọ́gba, tí òmíràn á sì ní irọ́ ni, wákàtí kan ló wà láàárín. Àwọn méjèèjì ló gba. Ìgbà tí kálukú lọ kí ẹbí lọ́hùn-ún ni kò dọ́gba.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí n bi akọ̀wé yẹn kò ju ẹyọ kan lọ: aago márùn-ún ta ni? Lójú tèmi, aago dókítà ló yẹ kó jẹ́ òpó tí a so ìpàdé mọ́, torí òun ló ní àwọn aláìsàn mìíràn tó tò síwájú rẹ̀. Tí a bá ti mọ òpó, a ó wá ṣírò ti ìlú kejì fún ọjọ́ ìpàdé gan-an. Ọjọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ kọ́ la ó fi ṣírò o. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Nígbà tí a tún ọjọ́ mìíràn dá, èmi fúnra mi ni mo kọ mẹ́sééjì náà, mo sì ní kí akọ̀wé dá a padà fún mi pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́:

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kọkànlá, 2025
Ògbómọ̀ṣọ́: 5:00 ìrọ̀lẹ́ (17:00)
Lọ́ńdọ̀nù: 4:00 ìrọ̀lẹ́ (16:00)
Húsítìn: 10:00 àárọ̀ (10:00)
Aago Ògbómọ̀ṣọ́ la ó tẹ̀lé.

Húsítìn wọ̀ ọ́ torí ọmọ àǹtí tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń sanwó, ó sì fẹ́ gbọ́. Àwọn yẹn tún ní tiwọn. Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń dá aago padà, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Ìlú Ọba. Ká ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ni a fi ìpàdé sí, aago mọ́kànlá ni ì bá jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ní ká ṣe é ní aago méje alẹ́ Ọjọ́rú tiwọn, lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyẹn jẹ́ aago méjì òru níbí. Tí ẹ bá wá kọ 'Ọjọ́bọ̀, 2:00 AM' fún dókítà, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó máa múra sílẹ̀ fún. Àwọn bàbá wa ti ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí kò fi ní rújú: òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà mẹ́ta yẹn, GMT. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ mìíràn fún aago Lọ́ńdọ̀nù ni. Nínú oṣù Keje, ẹni tó bá kọ 10:00 GMT ti sọ pé aago mọ́kànlá ni ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mọ́kànlá náà ni níbí, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nínú kàlẹ́ńdà fóònù, Europe/London ni kẹ́ ẹ mú fún wọn, Africa/Lagos fún wa. Ìyẹn á sún ara rẹ̀ nígbà tí aago bá yí. Àwòrán ojú fóònù tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí yín kò lè sún, aago ìlú tí wọ́n ti yà á ló máa wà níbẹ̀ títí láé.

Owó ńkọ́? Ó wà lára rìsíìtì wa pé ẹni tí kò bá dé lásìkò ti pàdánù owó rẹ̀. Agbẹjọ́rò ara mi jí. Àsìkò ìlú wo? Bí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn bá ní ìtumọ̀ méjì, ilé-ẹjọ́ lè tú u sí ìtumọ̀ tó ta ko ẹni tó kọ ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì jẹ́ ká fi owó ti àkọ́kọ́ ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìpàdé náà wáyé. Dókítà ṣí fáìlì, ó ní apá kan gẹ̀gẹ̀ náà ni wọ́n gé, ó sì kọ lẹ́tà fún àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ oògùn fáwọn. Ó ní rárá, torí ilé-oògùn lọ́hùn-ún kò ní gba ìwé dókítà tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù Kẹta, 2026.

Àná ni mẹ́sééjì wọn wọlé. Wọ́n ti kọ ìlú méjèèjì báyìí, inú mi dùn: Ògbómọ̀ṣọ́ 5:00, Lọ́ńdọ̀nù 4:00. Bẹ́ẹ̀, 29 oṣù Kẹta ni aago Lọ́ńdọ̀nù máa sún síwájú. Mo ti dá a padà fún wọn kí wọ́n kọ 5:00 sí méjèèjì.