Ibi tí ó Yẹ kí Àlejò Ìpàdé Òwò Wọ̀ sí ní Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá oníṣòwò tí ó ti Ìlọrin lọ sí Èkó fún ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta wí gidigidi. Ó ti ń gbọ́ orúkọ Èkó láti kékeré, ó sì lè ti gba ibẹ̀ kọjá rí, nítorí náà ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó dáhùn kí ó tó di ẹrù rẹ̀: níbo ni yóò sùn, ta ni yóò wá pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ wo ni yóò sì máa wọ̀ nínú ìgboro? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìdáhùn sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀hún. Àwọn mìíràn a sì máa wá ilé tí owó rẹ̀ kéré jùlọ, wọn a ní ọgbọ́n ni àwọn gbọ́n. Ọgbọ́n tí ó kù díẹ̀ káàtó ni. Ibi ìsùn ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ yàn, kí ó sì jẹ́ ìtòsí gbọ̀ngàn ìpàdé, nítorí pé bí a bá ti yan èyí dáradára, wàhálà méjì yòókù yóò fúyẹ́.

Kò rọrùn fún ará Tanke láti tètè mọ ìdí rẹ̀. Ní Ìlọrin, ènìyàn lè kúrò ní Tanke, kí ó la ìgboro kọjá, kí ó sì dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú láìpẹ́ púpọ̀. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀sà ni ó pín in sí méjì. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Mùrítàlá Mùhámẹ́ẹ̀dì wà ní Ìkẹjà, ní orí ilẹ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n Erékùṣù Fitóríà, níbi tí Òtẹ́ẹ̀lì Èkó àti ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìpàdé òwò wà, wà ní òdìkejì omi. Afárá mẹ́ta ni ó so ìhà méjèèjì pọ̀: Afárá Kátà, tí a kọ́kọ́ ṣí ní ọdún 1901, Afárá Èkó, àti Afárá Kẹta, tí a ṣí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 11. Ní òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a máa wọ́ lọ sí erékùṣù bí omi. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a máa wọ́ padà sí ilé. Àlejò tí ó sùn sí orí ilẹ̀ ńlá, tí ìpàdé rẹ̀ sì wà ní erékùṣù, yóò bá èrò yìí lọ ní òwúrọ̀, yóò sì bá wọn bọ̀ ní alẹ́. Ọ̀nà tí a lè fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn ní ọ̀gànjọ́ òru lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe kìlómítà ni a fi ń wọn ọ̀nà ní Èkó, wákàtí ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò òrí kan ní Tanke ṣe àpẹẹrẹ. Ìpàdé rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Erékùṣù Fitóríà, yóò sì parí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni yóò dé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò padà. Alẹ́ mẹ́rin ni yóò sì sùn. A fún un ní yàrá ní Ìkẹjà ní náírà 30,000 fún alẹ́ kan, a sì fún un ní òmíràn tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé gbọ̀ngàn ní náírà 50,000. Kí a sọ pé takisí láti Ìkẹjà dé erékùṣù jẹ́ náírà 15,000 ní àlọ nìkan. Owó wọ̀nyí kì í dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣírò náà kò yí padà.

Lójú ẹsẹ̀, yàrá Ìkẹjà fi náírà 80,000 dín sí ti erékùṣù ní alẹ́ mẹ́rin. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sùn ní Ìkẹjà yóò lọ, yóò sì bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìrìn mẹ́fà, náírà 90,000. Bí a bá fi náírà 8,000 kún un fún àlọ àti àbọ̀ pápá ọkọ̀ òfuurufú tí ó wà nítòsí rẹ̀, gbogbo ìnáwó rẹ̀ yóò jẹ́ náírà 218,000. Ẹni tí ó sùn ní erékùṣù yóò san 200,000 fún yàrá, yóò sì san 30,000 fún àlọ àti àbọ̀ pápá: náírà 230,000. Nínú náírà 80,000 tí a rò pé a rí fi pamọ́, 12,000 péré ni ó kù. Nítorí 12,000 yìí ni àlejò náà yóò ṣe la ọ̀sà kọjá ní ìgbà mẹ́fà ní àkókò tí ọ̀nà burú jùlọ, tí yóò jí ní aago mẹ́rin òru, tí yóò sì máa sùn lórí ìjókòó nígbà tí àwọn tí ó fẹ́ ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ìpàdé, nígbà tí àwọn ènìyàn bá jókòó jẹun, ni a sábà ń fi ẹnu òwò kò. Ẹni tí ó ń sáré àti lọ wọ ọkọ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Ẹni tí yóò bá gba yàrá ní ìtòsí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà “ìtòsí” fúnra rẹ̀. Àwọn ilé kan wà lọ́nà Àjá tí wọ́n ń sọ pé ìtòsí Erékùṣù Fitóríà ni àwọn wà. Òótọ́ ni pé kò sí afárá ilẹ̀ ńlá láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà Lẹ́kí ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tirẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ó ń tú àṣírí: “Bí mo bá fẹ́ wà ní gbọ̀ngàn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mélòó ni kí n kúrò ní ọ̀dọ̀ yín?” Bí olùtọ́jú ilé bá dáhùn pé aago mẹ́fà, ilé náà kò sí nítòsí.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣòro jù owó lọ ni ti ẹbí. Yorùbá kì í fẹ́ kí ọmọ ìyá ẹni wá sí ìlú kí ó lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Bí oníṣòwò òrí yìí bá ní àbúrò ní Ìpájà, àbúrò yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé máa bú mi ni?” Ìfẹ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n Ìpájà tilẹ̀ jìnnà sí erékùṣù ju Ìkẹjà lọ. Ẹ̀gbọ́n tí ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, kò bá ẹbí rẹ̀ gbé rárá. Ó kàn sùn sí ilé wọn ni. Ó sàn kí ó sùn sí ìtòsí ìpàdé títí di Ọjọ́bọ̀, kí ó lọ sí Ìpájà ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì lo òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó padà sí Ìlọrin. Èyí ni àbẹ̀wò tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú.

Nípa ti pápá ọkọ̀ òfuurufú, kí ó wá ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàdé, kí ó sì jẹ́ ní ọ̀sán. Nígbà ọyẹ́, ìkùukùu eruku a máa dí ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ní Ìlọrin, ẹni tí ó bá sì fi ìrìn-àjò sí òwúrọ̀ ìpàdé gan-an lè máa wo ojú ọ̀run ní ilé títí ìpàdé yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó ní kí ilé tí yóò wọ̀ sí rán ọkọ̀ wá pàdé òun, kí wọ́n sì fi orúkọ awakọ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ kí ó tó kúrò ní Tanke. Kí òun náà sọ ilé-èrò tí òun yóò sọ̀ sí fún wọn, nítorí ibi tí àwọn èrò abẹ́lé ń sọ̀ sí ní Ìkẹjà ju ẹyọ kan lọ. Bí ó bá dé, kí ó má ṣe bi ẹnikẹ́ni pé, “Ṣé ìwọ ni wọ́n rán sí mi?” nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò ní òun ni. Kí ó bi í pé, “Ta ni ẹ wá gbé?” Awakọ̀ tòótọ́ yóò dárúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wo nọ́ńbà ọkọ̀ kí ó tó gbé ẹrù sí i.

Nínú ìgboro, ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù jùlọ ni èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní wan-ṣáǹsì. Ọkọ̀ kan yóò dúró, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta yóò ti wà nínú rẹ̀ bí èrò; ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Wọn yóò pe ibi tí àlejò ń lọ gan-an, owó wọn yóò kéré ju ti àwọn yòókù lọ, ọ̀kan nínú wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ kí àlejò lè bọ́ sí àárín. Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, fóònù àti owó rẹ̀ ti lọ. Àmì rẹ̀ ni owó tí ó kéré jù àti àyè tí wọ́n fi dandan yàn fún un. Ọ̀nà àbò ni kí ó má ṣe wọ ọkọ̀ tí ó dúró fún un lójú títì lásán. Kí ó pe takisí láti ilé tí ó wọ̀ sí, tàbí láti orí fóònù, kí ó sì kọ̀ bí awakọ̀ bá ní kí àwọn fagi lé ìpè náà kí àwọn jọ máa lọ. Nígbà náà kò ní sí àkọsílẹ̀ pé ó wọ ọkọ̀ rárá. Ọ̀kadà ńkọ́? Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fi òfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ẹtí-Ọ̀sà tí Erékùṣù Fitóríà wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn kan yóò wí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè san náírà 50,000. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oníṣòwò méjì láti Ìlọrin lè gba yàrá oníbùsùn méjì pọ̀, kí owó alẹ́ kan já sí 25,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó dín sí ti Ìkẹjà. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe èyí, tí ó ní láti sùn sí ilẹ̀ ńlá, kí ó ṣírò wákàtí mọ́ owó, kí ó má sì ṣe pe ìyókù ní èrè. Ilé tí owó rẹ̀ kéré, tí ó sì jìnnà, a máa gba owó tirẹ̀ lójú ọ̀nà.