Ẹ̀rọ Kọ́ Ni Yóò Sọ Pé Àwòrán Jọ Ìyá Wa

Ó ti di àṣà báyìí pé kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sọ fótò di àwòrán ọ̀dà máa fi nọ́ńbà gbèjà iṣẹ́ wọn. Bí oníbàárà bá ní, "Èyí kò jọ ìyá mi," èsì wọn ni pé ẹ̀rọ ti fún un ní 0.62, bẹ́ẹ̀ 0.50 ni ààlà tí àwọn fi lélẹ̀. Èmi kò gba èyí ní ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń wí. Ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ojú, irú ArcFace, a máa sọ ojú kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́ nọ́ńbà 512. Lẹ́yìn náà ni yóò wo bí ọ̀wọ́ ti fótò àti ti àwòrán ṣe dojú kọ ọ̀nà kan náà tó. Bí wọ́n bá ṣe déédéé, àmì á jẹ́ 1. Bí kò bá sí ìbátan, á sún mọ́ 0. Fótò ni wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe àwòrán ọ̀dà. Nítorí náà, 0.62 nìkan kò sọ nǹkan kan, àfi bí a bá mọ ohun tí a ó fi wé.

Ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí. Ká ní fótò ìyá náà méjì, tí wọ́n yà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gba 0.75 láàárín ara wọn, tí àwòrán sì gba 0.62 pẹ̀lú fótò ìyá. Bí a bá wá fi àwòrán kan náà wé fótò àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó gba 0.59, ta ni àwòrán yìí? Ìdílé ni ẹ̀rọ mọ̀, kò mọ ẹni.

Ewu yìí wúwo fún àwa gan-an. Ní 2019, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣi àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mú fún ẹlòmíràn ju bí wọ́n ti ń ṣi àwọn ará Ìlà-Oòrùn Yúróòpù mú lọ. Ààlà tó le tó fún ojú òyìnbó lè jẹ́ ilẹ̀kùn gbayawu fún ojú tiwa. Àmì sì lè ga nígbà tí pélé ìyá ti parẹ́, tí èjí rẹ̀ sì ti pa dé.

Àwọn kan á ní, "A ní ènìyàn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ìbéèrè wo ni wọ́n bi í? Bí a bá gbé fótò àti àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a ní, "Ṣé ó jọ ọ́?", gèlè àti ìjókòó kan náà á mú kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbé àwòrán nìkan fún ẹni tó mọ ìyá náà, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ó mú ẹni tó ni ín láàárín fótò mẹ́fà: fótò ìyá mìíràn tí wọn kò fi ya àwòrán, ti àbúrò rẹ̀, àti ti obìnrin mẹ́rin tí ọjọ́ orí àti àwọ̀ wọn sún mọ́ tirẹ̀. Ẹ bi ẹni márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mẹ́ta bá mú àbúrò, iṣẹ́ ti kùnà, ohun yòówù kí ẹ̀rọ wí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣa èyí tó burú jáì kúrò nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán. Àwọn tó mọ ojú ìyá ni kó dájọ́.