"A Ti Bẹ̀rẹ̀ Báyìí": Báyìí Ti Ìgbà Wo?

Ní oṣù tó kọjá, mo ń wá fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹ̀ka wa gbé sáfẹ́fẹ́ lórí YouTube nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Ohùn nínú orúkọ Yorùbá ni olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ lé, òun náà sì ni mo ń kọ àpilẹ̀kọ mi lé lórí. Mo tẹ "ohùn", mo tẹ "orúkọ", n kò rí nǹkan kan. Àfi ìgbà tí mo ṣí àwọn fídíò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọlé rẹ̀ ni "A TI BẸ̀RẸ̀ BÁYÌÍ! Ẹ WỌLÉ". Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ jẹ́ àga òfìfo àti ẹni tó ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò.

Àwa ọmọ ẹ̀dá-èdè ló yẹ kó kọ́kọ́ rí àṣìṣe yìí. "Báyìí", "lónìí", "lọ́la": ìgbà tí a sọ wọ́n ló ń fún wọn ní ìtumọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ètò fi wáyé, àmọ́ ọdún méjì ni àkọlé yẹn ti ń pe èèyàn wọlé.

Mo bi ẹ̀gbọ́n kan tó bá wa ṣètò rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Àbúrò, a ti pín líǹkì yẹn káàkiri Wásáàpù. Mo rò pé tí mo bá yí àkọlé padà, líǹkì á bàjẹ́." Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì mọ́kànlá tó wà nínú líǹkì ni YouTube fi ń dá fídíò mọ̀. Àkọlé kò sí nínú wọn. Líǹkì tí a pín kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ náà ló máa gbé àtúnwò.

Èrò tèmi ni pé kí kókó ọ̀rọ̀ máa ṣáájú, kí ìrù àkọlé nìkan máa yí padà, torí fóònù máa ń gé àkọlé gígùn. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀: "Ohùn nínú orúkọ Yorùbá: Ọjọ́bọ̀, aago 10, àkókò Nàìjíríà". Ẹ má fo "àkókò Nàìjíríà" o. Nígbà òtútù, aago 9 ni ti àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọjọ́ kúrò. YouTube fúnra rẹ̀ ń fi àmì LIVE hàn, kò yẹ kí a tún pariwo rẹ̀ nínú àkọlé. Bó bá parí: "Ohùn nínú orúkọ Yorùbá: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kíkún", pẹ̀lú ọdún.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé àga òfìfo yẹn kúrò. Ìgbà tí ẹ bá gé e tán ni kí ẹ tó kọ àwọn àkókò yìí sínú àlàyé, torí gígé máa ń sún wọn:

```
0:00 Ìkíni
4:10 Ìdánilẹ́kọ̀ọ́
52:30 Ìbéèrè àti ìdáhùn
```

Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0:00, kí ó sì tó mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pín fídíò náà sí apá.

Mo ti kọ àkọlé tuntun fún mẹ́rin nínú àwọn fídíò wa. Ẹni tó ní páásíwọọ̀dù la ń wá báyìí.