Òógùn kọ́ ló ń rùn: ẹ ka èyí kí ẹ tó ra rólọ́ọ̀nù míì

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ abíyá la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán ká máa bọ̀. Èrò tèmi rèé: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń bú pé wọn kì í wẹ̀ ló ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ohun tí wọ́n ń fi sí abíyá ni kò bá ìṣòro wọn mu, tàbí kó jẹ́ pé àsìkò tí wọ́n ń fi í ni kò dáa.

2/ Ìdí ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń pè ní rólọ́ọ̀nù tàbí sípíréè. Ọ̀kan ń jẹ́ diodoráǹtì, èkejì ń jẹ́ antipásípíráǹtì. Irú ike kan náà ni wọ́n lè wà, orí káńtà kan náà ni wọ́n ń tò wọ́n sí, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò papọ̀. Diodoráǹtì ń bá òórùn jà, kò bá òógùn ṣe rárá. Antipásípíráǹtì ń dí òógùn lọ́nà kó tó jáde.

3/ Kí ìyàtọ̀ yẹn lè yé yín, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí òórùn yẹn ti ń wá. Òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í rùn. Tí oòrùn bá pa yín ní ibùdókọ̀, iwájú orí yín á rin gbindin, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé iwájú orí yín ń rùn. Omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú òógùn yẹn, ó sì ń jáde káàkiri ara.

4/ Àmọ́ abíyá ní irú òógùn kejì, tí kì í bẹ̀rẹ̀ sí í jáde títí èèyàn fi bàlágà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún mẹ́fà fi lè sáré káàkiri àdúgbò láti àárọ̀ di alẹ́, tí abíyá rẹ̀ ò ní rùn bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Òógùn kejì yìí ki díẹ̀, ó ní ọ̀rá àti purotéènì nínú.

5/ Òun náà ò rùn nígbà tó ń jáde o. Àwọn tó ń sọ ọ́ di òórùn ni bakitéríà, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n ń gbé lára awọ gbogbo wa. Abíyá móoru, ó lómi, atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ilé ìgbádùn ni fún wọn. Wọ́n á jẹ òógùn kíki yẹn, ohun tí wọ́n bá sì yọ síta lẹ́yìn oúnjẹ ni imú ń gbọ́.

6/ Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Yọ́ọ̀kì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tọpasẹ̀ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Sítáfílókókọ́ọ̀sì họ́mínísì lorúkọ rẹ̀. Ní 2020, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tó fi irinṣẹ́ inú ara bakitéríà yìí hàn, èyí tó fi ń gé òógùn abíyá sí wẹ́wẹ́. Ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde ń rùn bí àlùbọ́sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ẹ mọ òórùn tí mò ń sọ.

7/ Ó dáa. Diodoráǹtì wá ń ṣe kí ni? Àwọn bakitéríà yẹn ló dojú kọ. Ó sábà máa ń ní ọtí líle tàbí èròjà mìíràn tó ń pa wọ́n, wọ́n á sì pò ó mọ́ lọ́fínńdà kó lè bo òórùn tó bá ṣẹ́ kù. Òógùn ò gbọ́ pé ó wá o. Abíyá yín á ṣì máa rin bó ṣe ń rin. Tí òógùn bá sì pọ̀, á fọ diodoráǹtì yẹn lọ, bakitéríà á tún máa bí sí i, òórùn á padà dé.

8/ Antipásípíráǹtì ní tiẹ̀ ní iyọ̀ alumíníọ́mù nínú. Iyọ̀ yìí á yọ́ sínú òógùn díẹ̀ tó wà lẹ́nu ihò awọ, á wá dì síbẹ̀ bí ẹ̀kọ ṣe ń dì tó bá tutù. Ẹnu ihò ti dí nìyẹn, òógùn ò ní lè jáde tó bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Bí omi bá dín kù, ayé bakitéríà náà á le. Torí náà, ó ń dín òórùn kù pẹ̀lú. Kì í ṣe títí láé: bí awọ ṣe ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ìdí yẹn á ṣí láàárín ọjọ́ mélòó kan.

9/ Ẹ wo bí ìyàtọ̀ yìí ṣe tó. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ka diodoráǹtì mọ́ nǹkan ìṣaralóge, bíi ìpara. Àmọ́ wọ́n ka antipásípíráǹtì mọ́ oògùn, torí pé ó ń yí iṣẹ́ ara padà. Oògùn tó ń dí òógùn! Òfin wọn ní ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ dín òógùn kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún un kà: ìdá 20. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ò ní làágùn mọ́ rárá ń tàn yín ni.

10/ Ẹ jẹ́ ká wá fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta fóònù ní Ìkẹjà. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń kúrò nílé. Á wẹ̀, á fọ́n sípíréè sí abíyá tí kò tíì gbẹ, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó di gáréèjì. Tó bá fi máa di aago méjìlá, ṣẹ́ẹ̀tì á ti rin lábẹ́ apá, òórùn á ti dé. Á wá tún fọ́n òmíràn lé e. Òórùn àlùbọ́sà pẹ̀lú lọ́fínńdà, ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

11/ Mo ní kó gbé agolo náà wá ká kà á. Diodoráǹtì nìkan ni wọ́n kọ sí i, kò sí alumíníọ́mù kankan nínú èròjà rẹ̀. Ẹni tó ń làágùn tó bẹ́ẹ̀ ń bá òórùn jà, ó fi omi tó ń bọ́ bakitéríà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ yí ike tiyín padà báyìí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ a-l-u-m-i-n. Tó bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ antipásípíráǹtì lẹ mú dání. Tí kò bá sí, diodoráǹtì lásán ni.

12/ Ó ra antipásípíráǹtì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ní kò ṣiṣẹ́. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó wọn. Àárọ̀ ló ń fi í, lẹ́yìn ìwẹ̀, lórí awọ tútù, ó sì ń jáde sínú ooru lójú ẹsẹ̀. Òógùn ti ń ya lulẹ̀ kí iyọ̀ yẹn tó ráyè dì, ló bá fọ̀ ọ́ dà nù.

13/ Alẹ́ ni wọ́n ń fi antipásípíráǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pariwo ẹ̀. Tí ẹ bá wẹ̀ lálẹ́, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nu abíyá, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ wá fi rólọ́ọ̀nù pa á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní apá kọ̀ọ̀kan, kó sì gbẹ kí ẹ tó wọ aṣọ. Òógùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lóru, nítorí náà iyọ̀ yẹn á ráyè wọlé. Tí ẹ bá wẹ̀ láàárọ̀, kò ní ṣí, torí pé inú ihò ló wà, kì í ṣe orí awọ.

14/ Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ṣe é nìyẹn, láìpa alẹ́ kan jẹ, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ṣì ń làágùn, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì ò rin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dín in kù sí alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì ń lo diodoráǹtì rẹ̀ láàárọ̀ fún òórùn. Bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè lo méjèèjì, torí iṣẹ́ wọn ò forí gbárí.

15/ Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ń rùn kódà lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́. Políẹ́sítà ni. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń di òórùn mú ju aṣọ òwú lọ. Tí abíyá bá mọ́ tán tí aṣọ ṣì ń rùn, ẹ má da rólọ́ọ̀nù lẹ́bi. Ẹ yí inú aṣọ síta kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ọṣẹ lè dé ibi tí ọ̀rá òógùn wà.

16/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé “èmi ò fẹ́ alumíníọ́mù, álọ́ọ̀mù tí màmá mi ń lò ni mò ń lò,” ẹ rọra. Álọ́ọ̀mù náà ní alumíníọ́mù nínú! Kò burú, ó ń bá bakitéríà jà, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ohun tí kò ní in. Ọsàn wẹ́wẹ́ ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹja. Oje rẹ̀ lára awọ tí oòrùn wá pa lè jó èèyàn débi pé awọ á lé ròrò.

17/ Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ńkọ́? Àwọn olùwádìí ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé antipásípíráǹtì ló ń fà á. Àmọ́ nǹkan méjì wà tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lò ó. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ ya fọ́tò ọmú nílé ìwòsàn kò gbọdọ̀ fi í lọ́jọ́ náà, torí alumíníọ́mù lè hàn bí ẹ̀tọ̀tọ̀ funfun lórí fọ́tò, kó sì kó ọkàn dókítà sókè.

18/ Ibi tí mo dúró sí nìyí. Tí abíyá yín bá ń rùn ṣùgbọ́n tí kì í rin, diodoráǹtì tó yín, ẹ má wulẹ̀ ra èyí tó wọ́n jù. Tó bá ń rin tó sì ń rùn, antipásípíráǹtì lálẹ́, lórí awọ gbígbẹ. Tẹ́ ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òógùn ṣì ń kán tótó kódà nígbà tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí òórùn ara yín ṣàdédé yí padà, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà.

19/ Ẹ̀yin tó ń tajà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pe gbogbo ẹ̀ ní “body spray” fún oníbàárà. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún un.

20/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ya fídíò ẹni tó ń rùn nínú bọ́ọ̀sì láti fi ṣe yẹ̀yẹ́: ẹni yẹn lè ti wẹ̀ ṣáájú yín láàárọ̀. Ẹ fi tírẹ́ẹ̀dì yìí ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀. Ìyẹn ló máa ràn án lọ́wọ́.