Bí Ṣíà Bá Já Wálẹ̀, Gbèsè Kì í Bá A Já

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ìmọ̀ràn kan ń jà ràn-ìn láàárín wa tí a kò fara mọ́ rárá. Àwọn kan ní ẹni tó fi ₦500,000 ara rẹ̀ nìkan ra ṣíà kò gbọ́n. Wọ́n ní kó yá ₦500,000 mọ́ ọn kí èrè rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ìdajì òótọ́ ni. Ohun tó ń sọ èrè di ìlọ́po méjì náà ló ń sọ àdánù di ìlọ́po méjì, àdánù sì lè lé ni kúrò lọ́jà pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦20 ni ṣíà kan. Ẹ fi mílíọ̀nù kan náírà, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ owó ẹ̀yá, ra 50,000 ṣíà. Bí iye rẹ̀ bá já sí ₦13, gbogbo ṣíà yín di ₦650,000, ṣùgbọ́n gbèsè ṣì dúró gbọin ní ₦500,000. ₦150,000 péré ló kù tó jẹ́ tiyín. Ṣíà pàdánù ìdá 35 nínú 100. Ẹ̀yin pàdánù ìdá 70. A kò sì tíì ka èlé mọ́ ọn. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ nìkan ra 25,000 ṣì ní ₦325,000 lọ́wọ́, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni èyí tí wọ́n ń pè ní májínì kọ́ọ̀lù. Ṣíà yẹn gan-an lẹ fi dógò fún ẹni tó yá yín lówó, kò sì ní jókòó máa wò ó títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tán. Àdéhùn máa ń sọ pé owó tiyín gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú iye ṣíà náà nígbà gbogbo. Ká ní ìdá 30 nínú 100 ni. Ní ₦13, ìdá 30 yẹn jẹ́ ₦195,000, bẹ́ẹ̀ ₦150,000 lẹ ní. Wọn yóò pè yín pé kí ẹ mú ₦45,000 wá kíákíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn yóò tà.

Ẹ má rò pé ṣíà ₦45,000 ni wọn yóò tà o. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ń dín gbèsè kù ni, kò fi kún owó tiyín. Kí ₦150,000 yín tó lè jẹ́ ìdá 30, ìyókù ṣíà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí ₦500,000. Ṣíà ₦150,000 ni wọn yóò tà nìyẹn, nígbà tí ọjà ti kú.

Ẹ wo ọjà Èkó lọ́dún 2008. Lóṣù kẹta ọdún náà, òǹkà gbogbo ṣíà ibẹ̀ kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2009, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Àwọn báńkì ti yá ọ̀pọ̀ èèyàn àti àwọn alágbàtà lówó láti fi ra ṣíà. Nígbà tí iye bẹ̀rẹ̀ sí í já, gbogbo wọn ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, títà yẹn sì tún ń tì í wálẹ̀ sí i. Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún 2008 ń parí lọ, wọ́n pàṣẹ pé ṣíà kò gbọdọ̀ já ju ìdá 1 nínú 100 lọ lóòjọ́. Ta ni yóò rà lónìí ohun tó mọ̀ pé yóò dín owó lọ́la? Ẹni tó fẹ́ tà kò rí ẹni rà, èlé sì ń gorí èlé. Lọ́dún 2010, ìjọba ní láti dá àjọ AMCON sílẹ̀ kó lè ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì.

Wọ́n á ní ṣíà tó dára á padà gòkè. Ó lè gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ta tiyín ní ₦13, kí ló kàn yín bó bá padà dé ₦25? Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Ẹni tó fi owó ẹ̀yá ra ṣíà kò ní sùúrù tirẹ̀, ọwọ́ ẹni tó yá a lówó ni sùúrù rẹ̀ wà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún gbà yín nímọ̀ràn yìí, ẹ bi í pé: iye wo ni ṣíà máa já dé kí wọ́n tó pè mí? Kò le láti ṣírò. Ẹ fi iye ṣíà pín gbèsè, kí ẹ sì fi 0.7 pín ohun tó bá jáde, bí ìdá 30 bá ni àdéhùn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦14.29 ni. Bí olùgbani-nímọ̀ràn náà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó fi owó tirẹ̀ ṣe é.