"Ó Máa Fà" Kò Tó Fi Ta Ṣòkòtò

 

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwa tí a ń ta jíǹsì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tú bélì òkìríkà. Wọ́n gbé ẹjọ́ kan wá síwájú ẹgbẹ́ láìpẹ́ yìí. Oníbàárà kan ra jíǹsì méjì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa, nọ́ńbà 14 ló wà lára méjèèjì. Ó wọ ọ̀kan, ó bá a mu rẹ́gí. Èkejì kò fẹ́ kọjá itan. Ẹni tó ń tà á ní, "Ẹ máa mú un lọ, ó máa fà." Kò fà o. Oníbàárà fi agbára wọ̀ ọ́, síìpù já, ló bá gbé e padà wá, ariwo sì gba gbogbo ìlà wa.

Nígbà tí a yẹ àmì kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú ṣòkòtò méjèèjì wò, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Èyí tó bá a mu jẹ́ òwú 98% àti ẹlasitéènì 2%. Èyí tó kọ̀ jẹ́ òwú 100%. Ẹlasitéènì yìí náà ni wọ́n ń pè ní sípáńdẹ́ẹ̀sì lára àmì mìíràn, òun ni okùn bíi rọ́bà tó ń mú aṣọ fà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣì í. 2% kò túmọ̀ sí pé aṣọ á fà ní 2%. Ó kàn ń sọ iye rọ́bà tó wà nínú ìwúwo aṣọ náà ni. Rọ́bà díẹ̀ yẹn lè mú jíǹsì fà gan-an. Ẹ tún wo síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú 100%: kò ní rọ́bà kankan, síbẹ̀ ó ń fà, torí pé ńṣe ni wọ́n hun ún ní kókókó. Nítorí náà àmì ń sọ fún wa bóyá rọ́bà wà, téèpù ló ń sọ bí yóò ti fà tó.

Bí a ti ṣe é nìyí. A mú ìdí ṣòkòtò onírọ́bà náà, a wọn sẹ̀ńtímítà 10 ní ìbú, a sì fà á títí tó fi ń kọ̀, láì fi ipá ṣe é. Ó dé 12. Ìyẹn ni fífà 20%. A jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sí 10. Ká ní ó dúró sí 10 àbọ̀ ni, rọ́bà rẹ̀ ti kú nìyẹn, òkìríkà sì kún fún irú wọn. Àwa kì í ka gbogbo 20% yẹn sí èrè o, ìdajì rẹ̀ la máa ń lò, kí ènìyàn lè jókòó kó sì mí.

Ìdí oníbàárà wa jẹ́ sẹ̀ńtímítà 104. Àwọn ṣòkòtò méjèèjì jẹ́ 98 yípo. Ìdajì 20% jẹ́ 10%, èyí sì lè mú 98 dé nǹkan bíi 108. Ìdí nìyẹn tí onírọ́bà fi gbà á. Bó bá mú èyí tó jẹ́ 104 nínú irú aṣọ yẹn, yóò ti sọ̀ ní ìdí àti orúnkún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ti olówùú 100%, ó nílò tó 107, kó lè rí àyè jókòó. Ẹni kan náà, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ gòkè nínú èkejì. Tó bá sì jẹ́ olówùú tuntun tí omi kò tíì kàn rí, ẹ fi àyè sílẹ̀ sí i, torí ó lè sún kì lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́, pàápàá ní gígùn.

Ohun kan ṣì wà. Ìbú ni ọ̀pọ̀ jíǹsì onírọ́bà máa ń fà sí, kì í fà ní òró. Ẹni tí ṣòkòtò kì í tó láti ìbàdí dé abẹ́, ẹ má ṣe mú nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀, bó ti wù kó fà tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń so jíǹsì onírọ́bà kọ́ sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòòji fún un. Ooru ń pa rọ́bà, bílíìṣì náà ń pa á. Kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé kó má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́.

A ti dá owó oníbàárà náà padà, a sì ti pààrọ̀ síìpù. Ṣòkòtò náà ṣì wà lórí àtẹ. Ẹni tó bá mọ obìnrin tí ìdí rẹ̀ kò ju 95 lọ, kó mú un wá.